Ebi ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú nǹkan oṣù àti eré tí à ń sá ní Kàbà

Bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí n rí nǹkan oṣù mi, oúnjẹ alẹ́ kì í tó mi mọ́. Mo lè jẹ iyán yó, kí n fọ abọ́, kí n sì tún padà wọ ilé ìdáná ní nǹkan bí aago 10 alẹ́ láti wá ohun tí mo máa jù sẹ́nu. Ẹ̀fọ́ kọ́ ni mo máa ń wá o. Bísíkíìtì ni, púfùpúfù tí àwọn ọmọ jẹ kù ni, ẹ̀pà oníyọ̀ ni. Bí nǹkan oṣù bá wá dé, tó fi máa di ọjọ́ kejì, ìwákúwàá náà á ti lọ. Láàárín àwa obìnrin tí a jọ ń sá eré ìdárayá ní Kàbà níbí, ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń gba ẹnu wa jù lẹ́yìn eré, ó ju ọ̀rọ̀ bàtà lọ, ó ju ọ̀rọ̀ orúnkún lọ. Ohun tí mo rí dì mú nínú rẹ̀ kò pọ̀. Ebi yẹn kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò tóbi tó bó ṣe ń pariwo. Oúnjẹ tí a kò jẹ ní ọ̀sán, tí a sì tún sá eré lé lórí ní ìrọ̀lẹ́, ló ń sọ ọ́ di ńlá ní òru.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ara ṣe ń ṣe é. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá kọ́kọ́ yọ ni à ń pè ní ọjọ́ kìíní. Láti ọjọ́ náà títí di ìgbà tí òmíràn máa yọ, ọjọ́ 21 sí 35 ló sábà máa ń jẹ́ fún àgbàlagbà obìnrin. Kì í ṣe gbogbo wa ló ń ka 28. Ní apá àkọ́kọ́, họ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítírójìn á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń bá ni pa ebi díẹ̀. Ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ẹsẹ̀ tèmi máa ń fúyẹ́ jù, tí mo lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán kí n má sì ronú kan oúnjẹ mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lẹ́yìn náà ni ẹyin á já, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí nǹkan oṣù tó ń bọ̀ tó dé. Họ́mọ́ọ̀nù kejì, purojẹ́sítírónì, ló máa ń gba iṣẹ́ níbẹ̀. Òun ló ń tẹ́ ilé ọmọ sílẹ̀ de oyún, bóyá á dúró. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ yẹn, ara á gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ní ìwọ̀n díígírì 0.3 sí 0.5. Ọkàn á máa yára lù díẹ̀ sí i, ara á máa jó oúnjẹ díẹ̀ sí i kódà bí a bá jókòó jẹ́ẹ́, oúnjẹ á sì máa wu ni jẹ. Bí oyún kò bá dúró, họ́mọ́ọ̀nù méjèèjì á já wálẹ̀ ní ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù. Ibẹ̀ ni àìróorunsùn, kí inú máa bíni láìnídìí, àti kí ohun dídùn máa wu ọ̀fun ti máa ń kóra jọ.

Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé báwo ni ebi náà ṣe tó? Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá wọn ohun tí obìnrin ń jẹ ní apá méjèèjì, ìyàtọ̀ tí wọ́n máa ń rí ní ìpíndọ́gba wà láàárín kálórì 150 sí 200 lójúmọ́. Ẹlòmíràn kò ní tó bẹ́ẹ̀ rárá, ẹlòmíràn á sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kálórì 170 kò ju ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan lọ, bíi gíráàmù 30. Tó bá jẹ́ iṣu sísè, bíi gíráàmù 150 ni, ìyẹn ege kan tí kò nípọn púpọ̀. Àwa tí a ń gbé ní ilẹ̀ Okun, tí iṣu kì í wọ́n nílé wa, a mọ̀ pé ege iṣu kan kì í dá ogun sílẹ̀. Tí ó bá wá jẹ́ pé ege iṣu kan péré ni ara ń béèrè, kí ló dé tí obìnrin fi máa ń jẹ tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ tàbí mẹ́rin lóru?

Àbúrò kan wà láàárín wa tó ń ránṣọ. Òun ló jẹ́ kí n rí i kedere. Ó máa ń ti ṣọ́ọ̀bù ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, á wá bá wa ní pápá ilé-ìwé. A máa ń sá eré gba ọ̀nà Ìyàrá, a ó gun ibi tí ilẹ̀ ti ga, a ó padà, a ó fo okùn, a ó sì na ara. Gbogbo rẹ̀ á gbà wá bíi wákàtí kan. Ní ọjọ́ kan, a jókòó sórí àpáta, ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àìsàn kọ́ ló ń ṣe mí báyìí? Bí mo bá ti jẹun alẹ́ tán ni ebi tún ń pa mí. Ó máa ń jẹ́ bí mo bá fẹ́ rí nǹkan oṣù mi.” Mo ní kó ka ohun tó jẹ láàárọ̀ títí di àsìkò yẹn fún mi, kó má fi ọ̀kan pamọ́.

Láàárọ̀, ó mu ògì pẹ̀lú ṣúgà, kò fi mílíìkì sí i, ó sì jẹ àkàrà méjì. Nígbà tó di aago 2 ọ̀sán, ó se nóòdù ọ̀rá kékeré kan, kò fi ẹyin sí i, nítorí oníbàárà dúró tì í. Kò jẹ nǹkan kan mọ́ títí ó fi wá sá eré. Mo bi í pé kí ló máa jẹ bó bá délé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Díẹ̀ ni màá jẹ, Àǹtí. Mo gun ìwọ̀n láàárọ̀ yìí, mo ti fi kílò kan àti ààbọ̀ lé.” Ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ̀ ti wà nínú ohun tó kà fún mi. Ògì àti àkàrà méjì náà kò lè ju kálórì 300 lọ púpọ̀, nóòdù kékeré náà kò sì jù bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé bíi 600 ni gbogbo ohun tó wọ inú obìnrin tó dúró nídìí ẹ̀rọ látàárọ̀, tó sì tún sáré gun òkè. Ọ̀sẹ̀ tí ara ń béèrè sí i ló wá dín oúnjẹ kù, nítorí ohun tí ìwọ̀n sọ.

Oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ á kéré, ara á sì máa ka gbèsè. Bó bá fi máa di aago 10, kò sí ẹni tó máa se ẹ̀wà mọ́. Ohun tó wà nítòsí ni ọwọ́ á lọ bá, ohun tó wà nítòsí sì ni púfùpúfù tí ọmọ ìyá onílé ń tà àti mínírà tó wà nínú fíríìjì. Mínírà ìgò 50cl kan nìkan ní kálórì tó bíi 200. Fi púfùpúfù márùn-ún lé e, ó lè tó gbogbo ohun tó jẹ látàárọ̀. Kálórì 170 tí họ́mọ́ọ̀nù béèrè wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ owó ọ̀sán tí a kò san. Ìyẹn nìkan kọ́. Bó bá ti jẹ ìyẹn sùn, kì í jí pẹ̀lú ebi, ògì díẹ̀ á tún tó o láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ kejì á ṣe tún rí bákan náà.

Ohun tí a jọ ṣe ni pé a kó oúnjẹ padà sí ojúmọmọ. A kò yọ nǹkan kan kúrò. Láàárọ̀, ó fi mílíìkì sínú ògì, ó sì sọ àkàrà di mẹ́rin. Bí kò bá sí àkàrà, mọ́ínmọ́ín tàbí ẹyin méjì. Ní aago 1 ọ̀sán, kí oníbàárà tó rọ́ dé, ó ń jẹ oúnjẹ gidi: ìrẹsì àti ẹ̀wà pẹ̀lú ẹja, tàbí iṣu sísè àti ẹyin díndín. Ní bíi wákàtí kan àti ààbọ̀ ṣáájú eré, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà yẹn ni mo ní kó máa kà sí ti họ́mọ́ọ̀nù. Ní ọ̀sẹ̀ tó kù nínú oṣù, bí kò bá wù ú, kó fi í sílẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà á tó o sá eré. Bó bá ti eré dé, kó má jẹ́ kó pẹ́ kó tó jẹun alẹ́: iyán tàbí àmàlà tó mọ níwọ̀n, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ní ẹ̀fọ́ nínú dáadáa, àti ẹran tàbí wàrà tó tó ojú rí.

Mo tẹnu mọ́ ẹran, ẹyin, ẹ̀wà àti wàrà yẹn nítorí púrótéènì ló ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ nínú, òun náà ló sì ń tún iṣan tó ṣiṣẹ́ ṣe. Ìwọ̀n tí mo máa ń lé ní oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ni bíi gíráàmù 20 sí 30. Kò le tó bó ṣe dún. Ife ẹ̀wà sísè kan ní bíi 15, ẹyin kan ní bíi 6, nítorí náà ẹ̀wà ife kan pẹ̀lú ẹyin méjì ti tó o. Iyán nìkan pẹ̀lú omi ọbẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, bó ti wù kó tóbi tó. Inú á kún, ebi á sì tètè padà.

Oṣù àkọ́kọ́ kò yanjú gbogbo rẹ̀. Púfùpúfù ṣì ń wù ú, ó sì wá ń rò pé òun kò ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Mo sọ fún un pé ìyàtọ̀ wà láàárín kí ebi pa ni àti kí ọ̀fun máa wá nǹkan dídùn, ọ̀nà tí mo sì fi ń mọ̀ ọ́n kò le. Mo máa ń bi ara mi pé, bí wọ́n bá gbé ẹ̀wà tútù tó wà nínú ìkòkò fún mi báyìí, ṣé màá jẹ ẹ́? Bí màá bá jẹ ẹ́, ebi ni, kí n lọ jẹun láìsí àròyé. Bó bá jẹ́ pé púfùpúfù nìkan ni mo fẹ́, ọ̀fun ni, ọ̀pọ̀ ìgbà ni oorun sì ti ń kùn mí nígbà yẹn. Èmi kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ohun tó wù ú. Ohun tí mo ń sọ ni pé kó jẹ ẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, méjì nínú abọ́, ní ìjókòó, kó gbádùn rẹ̀. Èyí tí a jẹ lẹ́yìn oúnjẹ kì í di márùn-ún. Aránṣọ mi kò gbà pẹ̀lú mi pátápátá lórí èyí, ó ní òun kò lè jẹ méjì kí òun dúró, nítorí náà kò tilẹ̀ ń ra á ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó mọ ara rẹ̀. Ó ń jẹ dàbínù dípò, èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè ọya. Mi ò bá a jà.

Ìwọ̀n tó dẹ́rù bà á yẹn náà ní ìdí. Ní ọjọ́ tó ṣáájú nǹkan oṣù, ara máa ń mú omi àti iyọ̀ dúró. Ọyàn á wú, òrùka á fún mọ́ ìka, ìdí síkẹ́ẹ̀tì á fún. Ó lè fi ààbọ̀ kílò sí bíi kílò méjì lé ìwọ̀n ẹni, láìjẹ́ pé ọ̀rá kan wọ ara. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń dà fún ọjọ́ díẹ̀, omi náà á jáde. Nítorí náà bí èèyàn bá fẹ́ràn àti máa gun ìwọ̀n, kó fi ọjọ́ kẹfà oṣù yìí wé ọjọ́ kẹfà oṣù tó kọjá, ìyẹn ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ yọ, kì í ṣe ti kàlẹ́ńdà. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ kẹrin wé ọ̀sẹ̀ kejì, irọ́ ni ìwọ̀n máa pa fún un, á sì lọ febi pa ara rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí kò yẹ.

Ọ̀rọ̀ okun ara ńkọ́? Mo ti rí àwọn àtẹ tí wọ́n ń pín kiri lórí fóònù, tó ní kí obìnrin gbé ohun wúwo ní ọ̀sẹ̀ yìí, kó má gbé nǹkan kan ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kó jẹ irúgbìn báyìí ní ọ̀sẹ̀ kejì. Kò sí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún ìlànà kan tó máa bá gbogbo obìnrin mu. Nínú ìwádìí tí wọ́n ti kó jọ, ìyàtọ̀ agbára láàárín apá kan oṣù àti èkejì kéré gan-an, àwọn ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà ni ó fi díẹ̀ rẹlẹ̀ jù. Ohun tó yàtọ̀ láti ara obìnrin kan sí èkejì pọ̀ ju ohun tó yàtọ̀ láti ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ lọ. Ìyá ìbejì kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé ọjọ́ kejì nǹkan oṣù rẹ̀ gan-an ló máa ń sáré jù wá lọ. Kí ni àtẹ máa sọ fún un?

Ooru nìkan ni mo gbà pé ó kan gbogbo wa. Ara tó ti gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó wá pàdé oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà ní Kàbà, iṣẹ́ ń bẹ. Eré tí mo ń sá láìmí hẹlẹ ní ọ̀sẹ̀ kìíní lè mú mi mí hẹlẹ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n eré kan náà ni. Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń gbé eré ọ̀sẹ̀ yẹn kúrò ní ìrọ̀lẹ́ sí aago 5 ààbọ̀ ìdájí, kí oòrùn tó yọ lẹ́yìn òkè. Èmi kì í wo aago nígbà yẹn, bí mo bá ti lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ̀rọ̀ láìgé gbólóhùn, eré náà tó. Omi ni mo máa ń mu ṣáájú, bí òógùn bá sì pọ̀, iyọ̀ inú oúnjẹ àárọ̀ ti tó láti dá a padà. Kí n má gbàgbé: kí a má fi inú òfìfo sá eré ìdájí yẹn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, tàbí ife ògì kékeré, ti tó. Mo ti rí ẹni tí ojú ń ṣú nídìí òkè nítorí pé kò jẹun alẹ́, kò sì jẹ nǹkan kí ó tó jáde.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá dé, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ebi á lọ, inú rírun á dé. Ìyá mi gbà pé ṣúgà ló ń fa inú rírun, kò sì sí bí mo ṣe lè yí i lọ́kàn padà. Ohun tó ń fà á ni èròjà kan tí ilé ọmọ fúnra rẹ̀ ń pèsè, púrósítágíláńdìn, tó ń mú kí iṣan ilé ọmọ máa fún ara rẹ̀ jọ láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Òun náà ló máa ń mú kí ìgbẹ́ ẹlòmíràn rọ̀ ní ọjọ́ kìíní. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, oúnjẹ tí kò wúwo ni mo ń jẹ, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́rin dípò ẹ̀ẹ̀mẹta: ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹja. Ìrìn díẹ̀ tàbí eré wẹ́ẹ́rẹ́ máa ń jẹ́ kó rọ̀ mí lọ́rùn, aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná náà ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń lo ibuporofẹ́ẹ̀nì sí i ní láti jẹun kí wọ́n tó lò ó, nítorí ó máa ń ba ikùn jẹ́. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìbi dókítà.

Ọjọ́ wọ̀nyẹn ni mo tún máa ń ronú nípa èròjà irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù nílò bíi mílígíráàmù 18 lójúmọ́, ọkùnrin nílò 8 péré. Ẹ̀dọ̀ màlúù àti ẹran pupa ni ara ń tètè gba tiwọn. Ti ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ara kì í gbà á dáadáa àyàfi bí fítámì Sí bá tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ wa ràn wá lọ́wọ́ níbí. Láti oṣù Èrèlé títí wọ oṣù Igbe, èso kaṣú máa ń pọ̀ nílẹ̀ débi pé àwọn tó wá ṣa kóró rẹ̀ tà máa ń sọ ẹran ara rẹ̀ nù sábẹ́ igi. Fítámì Sí tó wà nínú ẹran ara yẹn pọ̀ ju ti ọsàn lọ fíìfíì. Mo máa ń jẹ ọ̀kan tàbí méjì pẹ̀lú oúnjẹ ẹ̀wà mi, ó ń mú ọ̀fun, àmọ́ mo fẹ́ràn rẹ̀. Bí àsìkò rẹ̀ bá kọjá, ọsàn tàbí tòmátì tútù. Tíì tàbí kọfí tí a mu mọ́ oúnjẹ máa ń dí irin lọ́wọ́ láti wọlé, nítorí náà ó tó wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn oúnjẹ kí n tó mu tíì mi.

Ibì kan wà tí oúnjẹ kò ti lè yanjú rẹ̀. Obìnrin tó bá ń pààrọ̀ páàdì ní wákàtí kan tàbí méjì sí ara wọn, tí ẹ̀jẹ̀ dídì tó ń jáde bá tóbi ju ẹyọ owó onírin lọ, tàbí tí ó bá ń dà ju ọjọ́ 7 lọ, ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀ jù. Kò yẹ kó máa sọ pé bí ti ìdílé wa ṣe rí nìyẹn. Ohun tí mo tún máa ń ṣọ́ ni ẹni tí okun rẹ̀ kò padà ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tó yẹ kí ara fúyẹ́, tí gígun òkè kékeré ń mú un mí hẹlẹ, tí erùpẹ̀ ilẹ̀ tàbí yìnyín sì ń wù ú jẹ. Ìfà ọkàn yẹn kì í ṣe ti nǹkan oṣù, àìtó irin sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó, síbẹ̀ ara rẹ̀ kò le. Ìgbà tí dókítà mìíràn ní kí wọ́n yẹ férítínì wò, ìyẹn irin tí ara kó pamọ́, ni wọ́n rí i pé àká ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ẹ̀jẹ̀ lè tó bẹ́ẹ̀ kí àká má ní nǹkan nínú. Oògùn irin ni wọ́n fún un, ó gba oṣù bíi mélòó kan kí okun rẹ̀ tó padà. Kí ẹnikẹ́ni má ra irin fúnra rẹ̀ lọ́jà o, ó ń mú inú le, bó bá sì pọ̀ jù ó léwu, pàápàá fún ọmọdé tó bá rí i gbé mì.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Nǹkan oṣù tó dáwọ́ dúró. Mo gbọ́ tí ọ̀dọ́bìnrin kan ń yọ̀ pé látìgbà tí òun ti ń sá eré dáadáa, tòun ti sinmi, pé ara òun ti di ti eléré. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ yẹ oyún wò. Kò sí oyún. Ó ti tó oṣù mẹ́ta, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló sì ń jẹ nítorí ìgbéyàwó tó ń bọ̀. Bí oúnjẹ tó ń wọlé kò bá tó iṣẹ́ tí ara ń ṣe, ọpọlọ máa ń pa àṣẹ ẹyin tì kó lè fi ìwọ̀nba agbára tó kù gbọ́ ti ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ́sítírójìn á já wálẹ̀, egungun á sì máa fúyẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀, títí á fi ṣẹ́ níbi eré kékeré. Ilé ìwòsàn ni mo ní kó lọ, kó sì máa jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta, kó dín eré kù títí nǹkan oṣù á fi padà. Ó bínú sí mi, àmọ́ ó lọ.

Gbogbo ohun tí mo kọ yìí kò bá àwọn tó ń lo ìfètò-sọ́mọ-bíbí mu bákan náà. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, tàbí tí wọ́n ki ọ̀pá sí lápá, tàbí tó ń lo oògùn oníhóró, họ́mọ́ọ̀nù tirẹ̀ kì í lọ sókè lọ sódò bí mo ṣe júwe rẹ̀. Nǹkan oṣù lè má wá rárá, oògùn ló fà á, kì í ṣe ebi. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní rí ọjọ́ kẹfà tó máa fi wé ọjọ́ kẹfà. Ìyá ìbejì wa wà lórí abẹ́rẹ́ báyìí. Ohun tí òun ń kọ sínú ìwé ni aago tí ebi pa á, ohun tó jẹ ṣáájú rẹ̀, àti bóyá ó sá eré lọ́jọ́ náà. Láti inú ìyẹn ló ti rí i pé ọjọ́ ọjà ni ebi òru máa ń pa òun jù, nítorí pé kì í jókòó jẹun ọ̀sán ní ọjọ́ náà. Ó ti ń gbé iṣu àti ẹyin rẹ̀ lọ sí ọjà nínú kúlà báyìí.